Bí Ìdérí Bọ́tìnnì Kíbọ́ọ̀dù Bá Kọ̀ Tí Kò Yọ

Nínú kíbọ́ọ̀dù onísúwíìṣì, irú èyí tó máa ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ìka atẹ̀wé, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní súwíìṣì tirẹ̀. Ìdérí tí wọ́n tẹ lẹ́tà sí kàn jókòó lórí súwíìṣì náà ni, kò ní ṣúkúrúù. Ó yẹ kó ṣeé yọ, kó ṣeé fọ̀, kó sì ṣeé dá padà. Ṣùgbọ́n a máa ń rí èyí tó máa gan pátápátá, tí wọ́n á fi ipá fà á, tí nǹkan á sì dún "páà" lábẹ́ rẹ̀.

Irú súwíìṣì tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí ilé iṣẹ́ Ṣẹ́rì ti ilẹ̀ Jámánì gbé jáde ní àwọn ọdún 1980, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń ṣe irú rẹ̀ báyìí. Òpó kékeré kan ló yọrí láàárín rẹ̀, orí òpó náà rí bí àgbélébùú, ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mìlímítà 4. Ihò tó bá a mu wà lábẹ́ ìdérí, bí ike ṣe fún mọ́ ike ló dì wọ́n mú. Abala méjì ni ara súwíìṣì fúnra rẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀, ìkọ́ ike mẹ́rin tín-ín-rín ló so wọ́n pọ̀. Bí ìdérí bá gan mọ́ òpó ju bí ìkọ́ yẹn ṣe lágbára tó, abala òkè ló máa ṣí, òpó àti sípíríǹgì á sì bá ìdérí jáde. Bí ìkọ́ bá sì kán, súwíìṣì náà ti di pípààrọ̀ nìyẹn, nínú ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù sì rèé, àfi kí wọ́n fi áyánnù gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kíbọ́ọ̀dù atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, tí ẹlẹ́rìndòdò dà sí lórí bọ́tìnnì A. Ṣúgà ti gbẹ sáàárín òpó àti ìdérí. Bó bá tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń padà sókè. Kó kọ́kọ́ yọ wáyà kíbọ́ọ̀dù kúrò lára kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, kó yọ ìdérí àwọn bọ́tìnnì tó yí A ká, tí wọn kò gan, kí ojú lè rí ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì, kí ọwọ́ sì lè dé ibẹ̀. Omi ló ń yọ́ ṣúgà. Kó dorí kíbọ́ọ̀dù kodò, kó fi síríńjì kán omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ sí inú ìdérí láti abẹ́. Bó ṣe dorí kodò yìí, inú ìdérí ni omi máa dúró sí, kò ní ṣàn wọ inú súwíìṣì. Kó fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan, kó da omi náà nù. Bó bá ṣì gan, kó fi dírayà onídìrí fẹ́ ìdérí náà fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ìka kò bá lè fara gba ooru rẹ̀, ó ti pọ̀ jù.

Irinṣẹ́ tó dára ni èyí tí wọ́n fi wáyà ṣe, kì í ṣe olóruka ike tó ń ha ẹ̀gbẹ́ ìdérí. Ẹ tì í sọ̀kalẹ̀, ẹ yí i díẹ̀ kí wáyà lè kọ́ abẹ́ igun méjì tó dojú kọra, kí ẹ fà á sókè gbọnrangandan. Ẹni tó bá fi sukudiráfà wọ́ ẹ̀gbẹ́ kan nìkan á kán òpó. Bí ẹ ṣe ń fà á, kí ẹnì kejì tan iná fóònù sí ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì, kó fi etí káàdì ATM àtijọ́ tẹ etí abala òkè mọ́lẹ̀. Ẹ máa wo ìlà tó wà láàárín abala méjèèjì: ó yẹ kó tín-ín-rín bí irun orí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ tẹ abala òkè padà, kí ẹ tún lo ooru.

Bọ́tìnnì gígùn bíi Enter àti Shift tún ní wáyà irin lábẹ́. Nínú irú kan, ìkọ́ ike inú ìdérí ló di wáyà náà mú. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ yọjú wò ó, kí ẹ fi twísà yọ wáyà kúrò nínú ìkọ́ kí ẹ tó fà á jáde tán.

Bí òpó bá bá ìdérí jáde, ẹ wá sípíríǹgì, kí ẹ sì yẹ ìkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Bí wọ́n bá pé, ẹ fi aṣọ wé pílayà, ẹ fa òpó kúrò nínú ìdérí. Sípíríǹgì ni ẹ máa dá padà ṣáájú, kí ẹsẹ̀ méjì tó wà lára òpó sì kọjú sí irin pẹlẹbẹ inú súwíìṣì, kí ẹ wá tẹ abala òkè títí á fi dún "kẹ".

Ọ̀ràn súpà gúlúù yàtọ̀, omi àti ooru kì í sábà tú u. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ fi ọ̀bẹ gé ìdérí náà wẹ́wẹ́. Ìdérí ṣeé rà lọ́tọ̀, kò sì nílò áyánnù.