Búlọ́ọ̀kù ni àbí bíríkì? Ẹ ka àpò sìmẹ́ńtì kí ẹ tó sanwó

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ti tu owó jọ láti kọ́lé ìdílé ló máa ń bi bíríkìlà pé, ṣé búlọ́ọ̀kù ni kí òun fi kọ́ ọ, àbí bíríkì amọ̀ tí wọ́n sun níná? Iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan ni wọ́n sì sábà máa ń gbọ́. Àmọ́ iye ẹyọ kan kò lè sọ iye tí ògiri yóò ná èèyàn. Ohun tó ń sọ ọ́ ni iye ẹyọ tí ògiri náà yóò gbà, pẹ̀lú iye àpò sìmẹ́ńtì tí yóò bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ oníyàrá mẹ́ta kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó wọ́pọ̀ l'Ábẹ́òkúta àti n'Íbàdàn. Ká ní ó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, tí ògiri rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Tí a bá yọ ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn kúrò, ògiri ìta nìkan yóò jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 110.

Ohun tí yóò náni

Mítà onígun mẹ́rin kan máa ń gba nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù onínú ihò 10, tí a bá ka èyí tó máa fọ́ mọ́ ọn. Ògiri ìta ilé yìí yóò gba 1,100 búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9. Tí wọ́n bá fẹ́ fi bíríkì kọ́ ọ kó nípọn tó bẹ́ẹ̀, mítà kan náà yóò gba nǹkan bíi bíríkì 120, èyí tó jẹ́ 13,200 fún gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni pé bíríkì 12 ló ń ṣe iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan. Bí àpẹẹrẹ, bí wọ́n bá ń ta búlọ́ọ̀kù ní ₦600, àfi kí bíríkì jẹ́ ₦50 kí owó méjèèjì tó lè dọ́gba.

Àwọn tó fẹ́ràn bíríkì yóò sọ pé ẹni tó lò ó kò ní rẹ́ ògiri ìta, kò sì ní kùn ún lọ́dà. Òótọ́ ni. Rírẹ́ ìta ilé yìí lè jẹ nǹkan bíi àpò sìmẹ́ńtì 11, ọ̀dà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n á máa tún kùn láti ìgbà dé ìgbà. Ṣùgbọ́n bíríkì kéékèèké ni, àlàfo tí wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì àti yanrìn dí láàárín wọn sì pọ̀. Nínú ògiri yìí, àlàfo wọ̀nyẹn lè jẹ nǹkan bíi àpò 36, nígbà tí ti búlọ́ọ̀kù kò ní ju bíi 14 lọ. Ohun tí ẹni náà rò pé òun fi pamọ́ níbi rírẹ́ ògiri ti bá ibòmíì lọ. Owó iṣẹ́ bíríkìlà náà yóò ga, nítorí pé ọwọ́ yóò gbé ẹyọ 13,200 dípò 1,100.

Owó ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Bí bíríkì kan bá wọn kílò 2.8, gbogbo rẹ̀ yóò tó tọ́ọ̀nù 37. Búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 27 lọ, wọ́n sì ń mọ ọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ibi tí iléru tó ń sun bíríkì bá wà nítòsí ni bíríkì ti lè bá búlọ́ọ̀kù figagbága. Iye tó bá délé ni kí èèyàn béèrè, kì í ṣe iye ẹnu iléru.

Agbára wọn

Ìlànà NIS 87 ti àjọ SON, èyí tó jáde ní 2007, sọ pé búlọ́ọ̀kù tó ń ru ẹrù gbọ́dọ̀ lè gba ìwọ̀n 3.45 N/mm². Èyí túmọ̀ sí pé búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 kan gbọ́dọ̀ lè gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 35 kó tó fọ́. Nínú ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí èyí, ẹrù tó wà lórí búlọ́ọ̀kù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò tó tọ́ọ̀nù kan. Ìdí nìyí tí ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tí kò dára kọ́ fi lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún láìwó.

Ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí onílé bá fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e lórí, tàbí tó bá gé ògiri iwájú láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù láìfi kọnkéré tó ní irin rù ú lókè. Ẹrù tuntun á wá bá ògiri tí kò lágbára. Kí ó tó dé ibẹ̀ gan-an, búlọ́ọ̀kù tó ṣaláìní sìmẹ́ńtì á ti máa fa omi láti ilẹ̀, ìṣó kò ní dúró lára rẹ̀, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri á sì máa já.

Ìbéèrè tó yẹ kí oníbàárà bi oníbúlọ́ọ̀kù ni pé, àpò sìmẹ́ńtì kan, búlọ́ọ̀kù mélòó? Sìmẹ́ńtì kan sí yanrìn mẹ́jọ, ìyẹn àpò kan sí bárò yanrìn mẹ́rin, á mú nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 tó 20 sí 25 jáde. Ká mú 22. Búlọ́ọ̀kù 1,100 yóò jẹ́ àpò 50. Oníbúlọ́ọ̀kù tó bá fi àpò kan mọ 45 kò ní lò ju nǹkan bíi àpò 25 lọ. Àpò 25 yòókù ti bọ́ sápò rẹ̀, ara ilé oníbàárà ló sì ti yọ ọ́.

Ó yẹ kí wọ́n fi omi wọ́n búlọ́ọ̀kù fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fi ń wọn agbára rẹ̀. Èyí tí wọ́n mọ lánàá kò yẹ lórí ọkọ̀ lónìí. Bí èèyàn bá fi àtàǹpàkò ra igun rẹ̀ tó ń wó bí iyọ̀, kí ó fi í sílẹ̀.

Bíríkì tí iná sun dáadáa, ní nǹkan bíi 900 sí 1,000 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, le gidigidi. Bí wọ́n bá fi méjì kan ara wọn, ó máa ń dún gbagaga bí irin. Èyí tí iná kò mú á dún gbù, ìṣó á fa ilà sára rẹ̀, òjò á sì máa jẹ ẹ́. Kí wọ́n wọn bíríkì gbígbẹ, kí wọ́n rì í sómi fún wákàtí 24, kí wọ́n tún un wọ̀n. Èyí tó jẹ́ kílò 3 kò gbọ́dọ̀ ju kílò 3.6 lọ.

Ìtura inú ilé

Wọ́n máa ń sọ pé ilé bíríkì tutù. Ó tutù lọ́sàn-án lóòótọ́, nítorí pé ògiri bíríkì tó nípọn ní íǹṣì 9 lè dá ooru dúró fún nǹkan bíi wákàtí 6 sí 7 kó tó wọlé. Àmọ́ ooru náà kò sọ nù. Oòrùn tó bá ògiri ìhà ìwọ̀-oòrùn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè dé inú yàrá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ń sùn. Bí fèrèsé kò bá dojú kọ ara wọn kí atẹ́gùn lè kọjá, òru ni bíríkì yóò máa fìyà jẹ wọn.

Nínú ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, orí páànù ni ooru tó pọ̀ jù ti ń wọlé. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé ìtura nìkan ló ń wá bíríkì fún, kí ó kọ́kọ́ ná owó náà sórí àjà tó dára, ojú atẹ́gùn lábẹ́ òrùlé, àti páànù tó yọ síta dáadáa láti ṣíji bo ògiri. Páànù yíyọ yìí náà ni yóò gba ògiri lọ́wọ́ òjò, bíríkì ni o tàbí búlọ́ọ̀kù.

Fún ẹni tó ń kọ́lé yìí, bí bíríkì 12 tó délé bá sún mọ́ iye búlọ́ọ̀kù kan, kí ó ra bíríkì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni kí ó lò, ṣùgbọ́n kí ó ra sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀, kí wọ́n mọ ọ́n lójú rẹ̀, kí ó sì ka ohun tó jáde nínú àpò kọ̀ọ̀kan.