Ìlà Kẹrin: Kálórì Ọtí Nínú Ìṣirò Oúnjẹ Òòjọ́

Àwọn tó ń ṣírò oúnjẹ wọn lójoojúmọ́ ti ń pọ̀ sí i láàárín wa. Àwọn kan fẹ́ fọn, àwọn kan fẹ́ kí iṣan wọn yọ, dókítà ló sì ní kí àwọn mìíràn máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ. Inú áàpù orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ ọ́ sí: púrótéènì tó báyìí, kabohaidiréètì tó báyìí, ọ̀rá tó báyìí. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, ọkàn wọn a balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá mu ọtí lọ́jọ́ yẹn, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pé pérépéré, kí oúnjẹ rẹ̀ sì ti kọjá ibi tó fi ààlà sí. Ọtí ní kálórì tirẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ ilé rẹ̀ nínú ìlà mẹ́ta yẹn.

Gíráàmù púrótéènì kan ń fún ara ní kálórì 4. Iye kan náà ni kabohaidiréètì ń fúnni. Ọ̀rá ń fúnni ní 9. Ọtí pọ́ńbélé, ìyẹn ohun tó ń pani nínú bíà, ẹmu àti ògógóró, ń fúnni ní 7. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 ń parí lọ ni Wilbur Atwater, onímọ̀ oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi èyí múlẹ̀. Wọ́n ní yàrá kékeré kan tó lè wọn ooru tó ń jáde lára ènìyàn. Wọ́n fi ènìyàn sínú rẹ̀, wọ́n fún un ní oúnjẹ àti ọtí, wọ́n sì rí i pé ara ń jo ọtí bó ṣe ń jo oúnjẹ, ó sì ń rí agbára gbà níbẹ̀. Inú àwọn tó ń gbógun ti ọtí nígbà náà kò dùn sí àbájáde yìí rárá, ṣùgbọ́n ìṣirò náà dúró títí di òní.

Ohun tó wà nínú ìgò kan

Ọ̀pọ̀ ìgò ọtí kì í sọ iye kálórì inú wọn. Ohun tó máa ń wà lára wọn ni agbára ọtí náà, bíi 5% vol, àti ìwọ̀n ìgò. Ìyẹn náà tó fún wa.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgò bíà ńlá kan, ti sẹntilítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5%. Sẹntilítà 60 jẹ́ mìlílítà 600. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ mìlílítà 30. Ọtí fúyẹ́ ju omi lọ, mìlílítà rẹ̀ kan kò ju gíráàmù 0.79 lọ, nítorí náà ọtí pọ́ńbélé inú ìgò yìí tó nǹkan bíi gíráàmù 24. Bí a bá fi 7 sọ ọ́ dipúpọ̀, a ó rí nǹkan bíi kálórì 166.

Bíà tún ní kabohaidiréètì tó ṣẹ́kù lára ọkà tí wọ́n fi pọn ọ́, nǹkan bíi gíráàmù 20 nínú ìgò bẹ́ẹ̀, àti púrótéènì díẹ̀ tí kò ju gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta lọ. Lápapọ̀, ìgò náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 255. Nínú iye yìí, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kò hàn nínú ìlà kankan.

Ti jíìnì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mìlílítà 30 jíìnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40% ní bíi kálórì 66. Bí ẹ bá wò ó nínú áàpù, òdo ni púrótéènì rẹ̀, òdo ni kabohaidiréètì rẹ̀, òdo ni ọ̀rá rẹ̀. Ẹni tó ń wo ìlà mẹ́ta nìkan á rò pé omi lòun mu. Bó bá wá fi mínírà là á, ṣúgà mínírà yẹn nìkan ló máa hàn.

Ẹmu ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Ẹmu àárọ̀, tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀, dùn nítorí ṣúgà inú rẹ̀ ṣì pọ̀. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ìwúkàrà inú rẹ̀ ń sọ ṣúgà náà di ọtí. Títí di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó sì ti le. Gíráàmù ṣúgà kan ń di bí ìdajì gíráàmù ọtí, kálórì 4 rẹ̀ sì ń di bíi 3.5. Kálórì ẹmu náà kò dín lọ títí, ó kàn kúrò nínú ìlà kabohaidiréètì ni, ó bọ́ síbi tí a kò kọ.

Ọjọ́ kan tí gbogbo ìlà pé

Ká ní ọkùnrin kan ń gbìyànjú láti má ṣe kọjá kálórì 2,190 lójúmọ́. Ó pín in báyìí: púrótéènì gíráàmù 140, kabohaidiréètì gíráàmù 250, ọ̀rá gíráàmù 70. Ní Sátidé ó lọ sí òde ìnáwó, ó sì mu ìgò bíà méjì. Ó ṣọ́ra. Ó kọ gíráàmù 40 kabohaidiréètì inú bíà náà sílẹ̀, ó sì dín ìrẹsì rẹ̀ kù nítorí rẹ̀. Nígbà tó délé, 140, 250 àti 70 pé géérégé.

Síbẹ̀, ohun tó wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe 2,190. Ọtí pọ́ńbélé inú ìgò méjì náà jẹ́ kálórì 332, kò sì ká a rárá. 2,522 ló jẹ lápapọ̀. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Fúráìdé, Sátidé àti Sọ́ńdè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kálórì ẹgbẹ̀rún kan kún ọ̀sẹ̀ náà, láìsí àmì kankan nínú ìwé rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ pé òun tẹ̀lé gbogbo òfin, ìwọ̀n òun kò sì wálẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ rọrùn. Ẹ fi 4 sọ púrótéènì dipúpọ̀, kí ẹ fi 4 sọ kabohaidiréètì, kí ẹ fi 9 sọ ọ̀rá, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí iye yìí bá fi ọgọ́rùn-ún kálórì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí àpapọ̀ kálórì tí áàpù kọ, ẹ wo ohun tí ẹ mu lọ́jọ́ náà.

Bí a ṣe ń fún un láyè

Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé wọ́n ń yá àyè fún ọtí lára kabohaidiréètì tàbí ọ̀rá. Wọ́n máa ń fi 4 pín kálórì ọtí náà láti mọ iye kabohaidiréètì tí wọn yóò yọ, tàbí kí wọ́n fi 9 pín in bó bá jẹ́ ọ̀rá. Kálórì 332 ti ọkùnrin yìí jẹ́ gíráàmù 83 kabohaidiréètì, tàbí gíráàmù 37 ọ̀rá. Nínú abọ́, gíráàmù 83 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 300 ìrẹsì jíjinná. Gíráàmù 37 ọ̀rá kò tó ṣíbí ìjẹun mẹ́ta epo. Ó tún lè pín in sí méjì: kó yọ gíráàmù 150 ìrẹsì, kó sì dín epo ọbẹ̀ kù ní ṣíbí kan àti díẹ̀.

Wọn kì í yọ púrótéènì. Ara ń fi púrótéènì tún iṣan ṣe, ọtí kò sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú áàpù, àwọn kan ti sọ gbogbo kálórì bíà di kabohaidiréètì kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìgò bíà lásán tó ní gíráàmù 60 kabohaidiréètì, ẹnìkan ti ṣe ìyípadà náà ṣáájú yín, ẹ má ṣe é mọ́. Fún àwọn ará wa tó wà ní Bìrìtéènì, ìgò tibẹ̀ sábà máa ń sọ iye yúnítì inú rẹ̀. Yúnítì kan jẹ́ gíráàmù 8 ọtí pọ́ńbélé, ìyẹn kálórì 56.

Ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ. Ìgò ọtí dúdú ńlá kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.5% ní bíi kálórì 249 láti inú ọtí pọ́ńbélé nìkan. Mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 747. Bí ọkùnrin wa bá fẹ́ yọ ìyẹn lára kabohaidiréètì, gíráàmù 187 nínú 250 ló máa lọ. Oúnjẹ ọjọ́ náà kò lè gbà á mọ́. Ẹni tó bá sì fi ebi pa ara rẹ̀ kó lè rí àyè fún ọtí, ọtí á tètè pa á.

Ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe

Ara lè tọ́jú ṣúgà díẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, ó sì lè tọ́jú ọ̀rá sábẹ́ awọ. Kò níbi tó lè tọ́jú ọtí sí. Nítorí náà ẹ̀dọ̀ máa ń kọ́kọ́ kojú ọtí, bí alátà ṣe ń kọ́kọ́ ta tòmátì tó ti ń rọ̀ kó tó kan ata gbígbẹ. Ọ̀rá ni ata gbígbẹ náà. Ní 1992, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Lausanne, ní Súwísáláǹdì, wọn iye ọ̀rá tí ara ń jo nígbà tí ọtí wà nínú oúnjẹ ọjọ́ kan, wọ́n sì rí i pé ó fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ọtí fúnra rẹ̀ ló ń di ọ̀rá. Ọ̀rá inú àsun àti púfù-púfù tí a jẹ pẹ̀lú rẹ̀ gan-an ló ń lọ jókòó sára.

Ibi tó léwu jù nínú ìyípadà yìí kan àwọn alátọ̀gbẹ tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì gẹ́gẹ́ bí iye kabohaidiréètì tí wọ́n jẹ. Gíráàmù 83 tí a fi dípò ọtí kì í ṣe kabohaidiréètì tòótọ́, inú ìwé nìkan ló wà, kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Wọn kò gbọdọ̀ gún abẹ́rẹ́ nítorí rẹ̀ láéláé. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń bá ọtí jà, kì í lè tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣúgà sì lè já wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn ìgò ìkẹyìn, kódà lójú oorun. Àmì rẹ̀ ni òógùn, gbígbọ̀n àti ọ̀rọ̀ tí kò já gaara. Ó jọ ti ẹni tó yó, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Bí ẹni náà bá jẹ́ alátọ̀gbẹ, ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ tí ẹni náà ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní mínírà tó ní ṣúgà. Bí kò bá lè gbé e mì, tàbí tí ẹ bá pè é tí kò jẹ́, ẹ má ki nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.