Ẹ fi páálí bo nọ́ńbà yín kí ẹ tó ya fọ́tò ìwé fún ògbufọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan ládùúgbò wa n'Íjàn-Èkìtì ní kí n wá wo ìwé kan fáwọn. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ìfẹ̀yìntì kan sì ń wọlé fún màmá láti ọ̀dọ̀ ìjọba Bìrìtìkó nítorí iṣẹ́ yẹn. Lẹ́tà ọ̀hún ni ìjọba náà máa fi ń béèrè lọ́wọ́ àwọn arúgbó tó ń gbé lókè òkun pé ṣé wọ́n ṣì wà láyé. Ẹni tó gba ìwé náà gbọ́dọ̀ wá ẹlẹ́rìí tó máa fọwọ́ sí i, kó sì dá a padà. Tí kò bá padà, wọ́n lè dá owó dúró.

Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ọmọ wọn ti ya fọ́tò gbogbo ìwé náà, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù sí ògbufọ̀ kan tí wọn ò rí rí. Mo ní, "Dúró ná."

Kí ló wà níbẹ̀? Orúkọ màmá, àdírẹ́sì ilé wọn, àti nọ́ńbà Náṣánà Ìnṣọ́ránsì: lẹ́tà méjì, òǹkà mẹ́fà, lẹ́tà kan lẹ́yìn. Nọ́ńbà yẹn kì í yí padà títí èèyàn á fi kú. Ẹni tó bá ní i, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì, lè pe ọ́fíìsì bíi pé òun ni màmá, kó gbìyànjú láti darí owó wọn sí báńkì mìíràn.

Bẹ́ẹ̀, ògbufọ̀ ò nílò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ là ń túmọ̀, a kì í túmọ̀ nọ́ńbà. Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo gé páálí kéékèèké, mo kọ "àdírẹ́sì màmá" sí ọ̀kan, "nọ́ńbà màmá" sí èkejì, mo sì tò wọ́n lé orí ìwé kí a tó ya á. Báyìí, ògbufọ̀ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ láìrí i. A ò bo àdírẹ́sì ọ́fíìsì, iye owó, tàbí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba èsì, torí ohun tí màmá fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ má lo bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ máa ń mú kí inú rẹ̀ hàn. Ẹ yẹ ojú ìwé kejì wò, nítorí wọ́n máa ń tún nọ́ńbà kọ sókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹ bo àmì onílà dúdú tàbí onígun mẹ́rin tí fóònù máa ń kà, torí ọ̀rọ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé àpòòwé kúrò lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ fọ́tò lójú, kí ẹ wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọmọ náà bi mí pé kí ló dé tí òun ò fi lè kùn ún dúdú lórí fóònù. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gba fóònù, mo fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò náà, nọ́ńbà sì yọ lábẹ́ dúdú! Búrọ́ọ̀ṣì tó lò kì í bo nǹkan tán. Gígé etí fọ́tò pàápàá ti já àwọn èèyàn kulẹ̀ rí: lọ́dún 2023, wọ́n rí i pé fọ́tò tí wọ́n fi Markup gé lórí fóònù Google Pixel ṣì lè fi apá tí wọ́n gé kúrò hàn. Ohun tí kámẹ́rà ò rí, kò sẹ́ni tó lè hú u jáde.

Ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi Document. Tí ẹ bá yan Document, ibi tí ẹ ti yà á lè bá a lọ, tí fóònù bá kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní ààlà o. Ìwé tí ẹ fẹ́ kí ògbufọ̀ fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí fún ẹ́ḿbásì, ó gbọ́dọ̀ rí gbogbo rẹ̀; irú èyí, ẹ gbé ìwé gan-an lọ bá a lọ́wọ́ l'Ádó, kí ẹ sì gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Bákan náà, ìwé tó ń padà sí ọ́fíìsì kò gbọ́dọ̀ ní páálí lórí. Fọ́tò nìkan là ń bò.

Ìtumọ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Màmá wá ẹlẹ́rìí, wọ́n fọwọ́ sí i, ọmọ-ọmọ wọn sì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. A pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́ nínú fóònù, a sì pa á rẹ́ níbi tí fóònù ń kó ohun tí a ti nù sí.