Kí Búrẹ́dì Kérésì Tó Wọ Nàìlọ́ọ̀nù

Nígbà tí oṣù Kọkànlá bá ń parí lọ, ìwé àwọn tó fẹ́ gba búrẹ́dì fún Kérésì ti máa ń kún. Àsìkò yìí làwọn ilé búrẹ́dì kan ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún oníbàárà, pé kó wá fojú rí iṣẹ́. Ẹni tó bá wọlé, òṣùwọ̀n ni kó kọ́kọ́ wò.

Ká ní ìjọ kan fẹ́ búrẹ́dì 200, tí ìyẹ̀fun pípò ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọn gíráàmù 700 kó tó wọ páànù. Kílò 140 nìyẹn. Àpò fúláwà kan, kílò 50, tí wọ́n pò pẹ̀lú omi bíi lítà 25, ṣúgà bíi kílò 6, bọ́tà, iyọ̀ àti yíìsì díẹ̀, á fún wọn ní bíi kílò 84. Àpò kan àti ààbọ̀ kò lè tó. Béékà tó bá ní yóò tó òun, á gé ìyẹ̀fun kéré, á sì jẹ́ kó wú jù nínú páànù. Irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ tóbi lójú, àmọ́ ó fúyẹ́ lọ́wọ́, bí ẹ bá sì fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní dìde mọ́.

Àwọn mìíràn tún ń fi potasíọ̀mù bíróméètì kún un kó lè wú dáadáa. NAFDAC ti fòfin dè é, ó ti lé ní ogún ọdún. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, àyẹ̀wò ló ń tú u fó. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fi àpò èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ fúláwà hàn yín, kẹ́ ẹ ka ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó ń ba búrẹ́dì ọdún jẹ́ jù lọ, lójú tèmi, ni ẹ̀yìn ààrò. Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹ kó tutù fún wákàtí méjì sí mẹ́ta lórí àgbékà kí wọ́n tó gé e tàbí kí wọ́n wé e. Bí wọ́n bá wé e tooru-tooru, inú nàìlọ́ọ̀nù á làágùn, omi á padà sára búrẹ́dì, bó bá sì máa fi di ọjọ́ kẹta, ó lè ti hu èébu.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ká ní ààrò ń tú búrẹ́dì 100 jáde ní ìṣẹ́jú 45 síra wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá máa lo wákàtí mẹ́ta lórí àgbékà, àyè 400 ni wọ́n nílò. Béékà tí àgbékà rẹ̀ gba 200 péré, tó sì tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ 800 fún òru ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó kó wọn sí nàìlọ́ọ̀nù láìtutù. Ààrò tó ń dán lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò, wọn kì í ka àgbékà.

Ẹ bi béékà yín pé mélòó lòun ń gbà lóru ọjọ́ 23, kẹ́ ẹ sì wá gbé tiyín ní ọjọ́ 24, kì í ṣe ṣáájú.