Kí ni wọ́n kọ sára agolo mílíìkì ọmọ yẹn?

Obìnrin tó bá ti Èkó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu, tí mílíìkì ọmọ rẹ̀ sì tán sí i lọ́wọ́, kò ní wá òmíràn pẹ́. Yóò rí àwọn agolo tó ti ilẹ̀ Faransé wá lórí pẹpẹ àwọn tó ń ta oògùn, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ ara wọn. Yóò wo àwòrán, yóò wo nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú agolo, yóò sì sanwó. Nọ́ńbà yẹn gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣi èèyàn lọ́nà.

Lára agolo kan, wọ́n á kọ “1er âge”. Lára èkejì, “2e âge”. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù méjì lè rò pé èyí tó ní nọ́ńbà 2 ni ti ọmọ òun. Ẹlòmíràn lè rò pé ọmọ ọdún méjì ló wà fún. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì, nítorí ìpele ni nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí. Ìpele kìíní jẹ́ ti ọmọ tuntun títí di oṣù mẹ́fà, ìpele kejì jẹ́ ti oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìlá. Èyí tí wọ́n ń pè ní “lait de croissance”, tó sábà máa ń ní nọ́ńbà 3, wà fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta. Wọn kò ṣe mílíìkì ìpele kejì fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a wá ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ńlá náà: “dès la naissance” túmọ̀ sí láti ìgbà ìbí, “dès 6 mois” sì túmọ̀ sí láti oṣù mẹ́fà. “Mois” ni oṣù, “ans” ni ọdún, “jour” ni ọjọ́, “semaine” ni ọ̀sẹ̀.

Orí pẹpẹ kan náà ni mílíìkì àwọn àgbà lè wà. Ọ̀rọ̀ tó ń fi mílíìkì ọmọ tuntun hàn ni “nourrissons”, ìyẹn àwọn ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n kí èèyàn má kàn rí ọ̀rọ̀ náà kó gbé agolo. Tí “ne” àti “pas” bá wà níwájú rẹ̀, bíi “ne convient pas aux nourrissons”, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò yẹ fún ọmọ ọwọ́ rárá.

Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni ṣíbí kékeré tó wà nínú agolo. Àwọn Faransé ń pè é ní “dosette” tàbí “mesurette”, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni “rase” tàbí “arasée”: kí a fi ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ kó tẹ́jú, kó má ṣe ga bí òkìtì. Lára mílíìkì Faransé, ṣíbí kan ni fún mílílítà 30 omi. Lára ọ̀pọ̀ agolo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣíbí kan jẹ́ ti áúnsì méjì omi, tí wọ́n ń kọ báyìí: “2 fl oz”. Ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílílítà 60. Ṣíbí Amẹ́ríkà tóbi tó ìlọ́po méjì ti Faransé.

Ẹ jẹ́ ká mú abiyamọ kan tí àbúrò rẹ̀ máa ń fi mílíìkì ránṣẹ́ sí láti Hústọ̀n. Mílílítà 180 ni ọmọ rẹ̀ ń mu lẹ́ẹ̀kan, ṣíbí mẹ́ta ló sì ti mọ́ ọn lára. Ó wá ra ti Faransé ní Kútọnu, ó tún bu ṣíbí mẹ́ta sínú omi 180. Mẹ́fà ló yẹ kó bù, nítorí pé 180 tí a pín sí ọ̀nà 30 ni mẹ́fà. Ìdajì oúnjẹ ló fún ọmọ náà. Ọmọ yóò mu, ikùn rẹ̀ yóò kún, ara rẹ̀ kò sì ní gbé pẹ́ẹ́lí bó ṣe yẹ. Tí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, omi lè pọ̀ lára rẹ̀ ju iyọ̀ lọ, ọmọ á máa sùn ṣáá, gìrì sì lè mú un. Bí abiyamọ mìíràn bá ṣe òdìkejì rẹ̀, tó bu ṣíbí Amẹ́ríkà mẹ́fà sínú omi 180, mílíìkì náà yóò ki jù, omi ara ọmọ yóò máa gbẹ, iṣẹ́ á sì pọ̀ jù fún kíndìnrín rẹ̀. Kí èèyàn má gbára lé ojú láti mọ èyí tó ṣàn jù tàbí èyí tó ki jù.

Ẹ̀yìn agolo ni ọ̀nà àyẹ̀wò wà. Tábìlì kan máa ń wà níbẹ̀ tó ní ọjọ́ orí ọmọ, ìwọ̀n omi (“eau”, ní “ml”) àti iye ṣíbí. Kí èèyàn mú ìlà kan, kó pín omi sí iye ṣíbí, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlà mìíràn. Bí ó bá ń jẹ́ 30 ní gbogbo ìlà, ó ti ka tábìlì náà bó ṣe yẹ. Tí ó bá rí “4,5 g” lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí, gíráàmù mẹ́rin àti ààbọ̀ ni: kọ́mà ni àwọn Faransé ń lò níbi tí àwa ti ń lo àmì tótótó. Omi ni a ń kọ́kọ́ wọ̀n sínú ìgò, ìyẹ̀fun ló ń tẹ̀ lé e. Omi á ga kọjá àmì 180 nígbà tí ìyẹ̀fun bá wọ inú rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má dà á kúrò.

Ọjọ́ tó wà ní ìdí agolo náà ní tirẹ̀. “À consommer de préférence avant fin 03/2027” túmọ̀ sí pé dídára rẹ̀ dájú títí ìparí oṣù kẹta ọdún 2027. “À consommer jusqu'au”, tó máa ń wà lára ẹran tútù àti yógọ́ọ̀tì, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kí a má jẹ ẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá sì kọ 05/04/2027, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ni lọ́dọ̀ àwọn Faransé gẹ́gẹ́ bíi tiwa, àmọ́ ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ni lára ọjà Amẹ́ríkà. Gbogbo èyí wà fún agolo tí wọn kò tíì ṣí. “Après ouverture” ni lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí i, “dans les 3 semaines” sì ni láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ náà ni “Lot” wà, pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ kì í kà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n rí kòkòrò sàmónẹ́là nínú mílíìkì ọmọ tí ilé-iṣẹ́ Lactalis ṣe ní Craon, ní ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, Emmanuel Besnier, sọ pé mílíìkì náà ti dé orílẹ̀-èdè 83, àti pé páálí tí wọ́n ń kó padà lé ní mílíọ̀nù 12. Ọjọ́ ara páálí wọ̀nyẹn kò tíì kọjá. Nọ́ńbà lọ́ọ̀tì ni irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń jáde, nítorí náà, agolo tí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò kò yẹ ní rírà.

Ìyẹ̀fun mílíìkì kì í ṣe ohun tó bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò pátápátá, kódà tó bá ti ilé-iṣẹ́ tó mọ́ wá. Ìdí nìyẹn tí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ọdún 2007 fi ní kí omi tí wọ́n fi pò ó gbóná tó ìwọ̀n 70 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí wọ́n wá jẹ́ kó tutù dáadáa kí ọmọ tó mu ún. Èyí tó bá kù sílẹ̀ nínú ìgò, kí wọ́n dà á nù.

Apòògùn Kútọnu lè ka tábìlì náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí abiyamọ tí kò gbọ́ Faransé bẹ̀ ẹ́ pé kó fi bírò kọ ohun méjì sára agolo: oṣù ọmọ tó wà fún, àti iye omi fún ṣíbí kan. Kó tó ṣí agolo tuntun náà, kó sọ ṣíbí agolo àtijọ́ nù.