Ẹ̀yáwó Ilé: Iye Ọdún àti Irú Èlé Ló Ń Sọ Iye Tí Ẹ Ó San

Ká ní olùkọ́ kan wà ní Ìbàdàn tó ti rí ilé oníyàrá méjì tó wù ú. Ó ti tu owó jọ fún ọdún mélòó kan, ₦10 mílíọ̀nù ló sì kù tó fẹ́ yá. Bó ṣe jókòó níwájú òṣìṣẹ́ báńkì, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé: "Èló ni màá máa san lóṣù?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Owó oṣooṣù lè kéré lójú, kí iye tí olùkọ́ yìí máa san títí gbèsè yóò fi tán sì ju ìlọ́po mẹ́ta owó tó yá lọ.

Ohun méjì ló ń pinnu rẹ̀: iye ọdún tí yóò fi san án, àti bóyá èlé orí rẹ̀ dúró sójú kan tàbí ó lè yí padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èlé tó dúró sójú kan. Báńkì Ẹ̀yáwó Ilé ti Ìjọba Àpapọ̀ ti ń yá àwọn òṣìṣẹ́ lówó ilé láti inú Àpò Owó Ilé ti Orílẹ̀-èdè, èyí tí òfin ọdún 1992 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìdá 2.5 nínú 100 owó oṣù ni òṣìṣẹ́ ń dá sínú àpò náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èlé ìdá 6 nínú 100 lọ́dún ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀yáwó yìí, èèyàn sì lè fi tó 30 ọdún san án, bí iye ọdún tó kù fún un lẹ́nu iṣẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Bí olùkọ́ wa bá gba ₦10 mílíọ̀nù ní 6%, tó sì fẹ́ fi ọdún 10 san án, ₦111,021 ni yóò máa san lóṣù. Bó bá sọ ọ́ di ọdún 20, owó oṣù náà bọ́ sí ₦71,643. Bó bá di ọdún 30, ó bọ́ sí ₦59,955. Ẹni tó bá wo owó oṣù nìkan yóò mú ọdún 30. Ṣùgbọ́n ẹ wo èlé tí wọ́n gbà lápapọ̀: ọdún 10 gba nǹkan bíi ₦3.3 mílíọ̀nù, ọdún 20 gba ₦7.2 mílíọ̀nù, ọdún 30 sì gba ₦11.6 mílíọ̀nù. Ní ọdún 30, èlé nìkan ti ju owó tó yá lọ.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Orí gbèsè tó kù ni báńkì ti máa ń ṣírò èlé lóṣooṣù. Ní oṣù àkọ́kọ́, èlé orí ₦10 mílíọ̀nù jẹ́ ₦50,000, iye ọdún yòówù kéèyàn mú. Ẹni tó mú ọdún 10 san ₦111,021, nítorí náà ₦61,021 ló ge kúrò lára gbèsè. Ẹni tó mú ọdún 30 san ₦59,955, ₦9,955 péré ló sì ge kúrò. Gbèsè tí kò tètè dínkù ni èlé máa ń bí sí lórí lóṣù tó tẹ̀ lé e, àti lóṣù tó tún tẹ̀ lé ìyẹn.

Síbẹ̀, ọdún gígùn wúlò níbi tí èlé bá ti kéré, torí ó ń fún èèyàn láàyè láti mí. Ẹni tó mú ọdún 30 lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ₦20,000 kún un lóṣooṣù bí apá rẹ̀ bá ti ká a. Bó bá ṣe é láti oṣù kìíní, gbèsè náà tán láàárín ọdún 16 àti oṣù 5, èlé tó san sì dínkù ní ₦5.8 mílíọ̀nù. Kí báńkì sáà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara gbèsè gan-an ni àfikún náà ń lọ, pé wọn kì í ṣe owó oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fi pa mọ́.

Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá ní báńkì oníṣòwò, níbi tí èlé ti ga, tó sì sábà máa ń yí padà. Ká ní ẹnìkan yá ₦10 mílíọ̀nù náà ní 18%. Ọdún 10 gba ₦180,185 lóṣù. Ọdún 20 gba ₦154,331. Ìgbà tí èlé jẹ́ 6%, sísọ ọdún 10 di 20 gé owó oṣù kù ní ìdá 35 nínú 100. Ní 18%, ìdá 14 péré ló gé kù. Nítorí kó lè máa san ₦25,854 dín lóṣù, onígbèsè yìí yóò san ₦15.4 mílíọ̀nù lé ní ìparí. Ìyẹn ni pé bí èlé bá ṣe ń ga sí i ni àfikún ọdún ṣe ń dínkù ní èrè.

Ewu èlé tó ń yí padà wá gun orí èyí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ sókè láti 11.5%. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti di 22.75%, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó dé 27.5%. Bí òṣùwọ̀n yìí bá gòkè, owó tí báńkì ń gbà lórí ẹ̀yáwó náà sábà máa ń gòkè.

Ká ní onígbèsè wa fẹ́ san tiẹ̀ fún ọdún 20, tó sì ti san án fún ọdún méjì láìyẹsẹ̀. Owó tó ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦3.7 mílíọ̀nù. Èló ló ge kúrò lára gbèsè? Nǹkan bíi ₦124,000 ni. Ó ṣì jẹ ₦9,876,000. Bí báńkì bá wá gbé èlé sí 28%, èlé oṣù kan ṣoṣo lórí gbèsè náà jẹ́ nǹkan bíi ₦230,000. Bó bá ṣì ń san ₦154,331, gbèsè ò ní dínkù, ńṣe ni yóò máa wú sí i lóṣooṣù. Kó lè tán lásìkò, ó gbọ́dọ̀ máa san nǹkan bíi ₦232,000. Ní ọjọ́ tó buwọ́ lu ìwé, kò sí ẹni tó sọ iye yìí fún un.

Nínú ìwé àdéhùn, ibi tó yẹ kéèyàn fi ọwọ́ lé ni gbólóhùn tó sọ pé báńkì lè yí èlé padà bí nǹkan bá ṣe rí lọ́jà. Àwọn báńkì mìíràn máa ń mú èlé dúró fún ọdún kan tàbí méjì péré, lẹ́yìn náà ó di èyí tó ń yí. Ó yẹ kí ìwé sọ ọjọ́ tí ìdúró náà parí, iye ọjọ́ tí wọ́n fi máa ń ṣèkìlọ̀ kí wọ́n tó gbé e sókè, bóyá owó oṣù ni yóò lé tàbí iye ọdún, àti owó ìtanràn tó bá wà fún ẹni tó bá san gbèsè ṣáájú àkókò.

Kí olùkọ́ wa tó buwọ́ lùwé, ó lè sọ pé kí wọ́n tẹ ìwé ìṣirò oṣooṣù méjì jáde fún òun: ọ̀kan ní èlé òní, èkejì ní èlé tó fi ìdá 10 ga jù ú lọ. Kó wá gbé owó oṣù tó wà nínú ìwé kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó ń gbà níbi iṣẹ́, lẹ́yìn tó bá ti yọ owó oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti owó iléèwé àwọn ọmọ.