Lẹ́tà sí oníbàárà tí kò kọ iye ọjà

Ẹ jẹ́ ká mú un pé ẹnì kan ń ta sìmẹ́ńtì àti rọ́ọ̀dù n'Íbàdàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé ìrajà tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ẹ́lìpíò wọlé láti ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí Ìsẹ́yìn. Ó ní nọ́ńbà, ó ní òǹtẹ̀, ọ̀gá sì ti buwọ́ lù ú. Ọjà mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀: sìmẹ́ńtì oníkílò 50, rọ́ọ̀dù mílímítà 12 àti ti mílímítà 16. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí iye ọjà wà ṣófo, ibi ọjọ́ sì rèé, "kíákíá" ni wọ́n kọ sí i.

Kílò 50 yẹn lè tan ojú jẹ. Ìwọ̀n àpò kan ni, kò sọ iye àpò tí wọ́n fẹ́.

Akọ̀wé tó gba ìwé yìí lè yẹ fáìlì wò, kó rí i pé àpò 600 ni wọ́n rà kẹ́yìn, kó sì di tírélà kan, tọ́ọ̀nù 30, ránṣẹ́ sí wọn. Bó bá jẹ́ pé 200 ni wọ́n nílò ńkọ́? Sìmẹ́ńtì tí kò rí ibi gbígbẹ sùn a máa fa ọ̀rinrin, a sì dì gbagidi nínú àpò. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ tó máa dá ìyókù padà? Ó tún lè tẹ oníbàárà láago, kò sì burú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ fáìlì. Kí akáńtì oníbàárà tó sanwó, yóò fi ẹ́lìpíò, wéébìlì àti ìnfọ́ìsì wéra. Bí ẹ́lìpíò bá ṣófo, kò sí ohun tí yóò fi wé àwọn méjì tó kù, owó á sì há síbẹ̀.

Ímeèlì ló kù. Bí akọ̀wé tó mọ iṣẹ́ ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Àkọlé: Ẹ́lìpíò 0147, ìbéèrè méjì kí a tó di ẹrù

Ẹ káàárọ̀ o, sà. A dúpẹ́ pé ẹ tún rántí wa. Ẹ́lìpíò yín 0147 ti dé ọwọ́ wa, ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nílẹ̀. Nínú ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, àyè iye ọjà kò ní nọ́ńbà, a kò sì rí ọjọ́ kan pàtó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi nọ́ńbà sí ìwọ̀nyí:

Sìmẹ́ńtì: àpò ……
Rọ́ọ̀dù 12: ẹyọ ……
Rọ́ọ̀dù 16: ẹyọ ……
Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí ọjà dé sáìtì: ……

Bí a bá rí èsì yín kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ọkọ̀ wa lè gbéra láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ́lìpíò tí ẹ ṣàtúnṣe sí tẹ̀lé èsì náà, kí ó lè rọrùn fún akáńtì yín. A kò ní di ẹrù kankan títí a ó fi gbọ́ yín. Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Kò sí "ẹ gbàgbé" níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí "ìwé yín kò pé". Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá tó buwọ́ lùwé máà jẹ́ ẹni tó kọ ọ́, kò sì yẹ kí a dójú tì í lójú àwọn tí yóò ka ímeèlì náà. Ìwé ni akọ̀wé sọ̀rọ̀ bá, kò bá ènìyàn wí.

Ọ̀rọ̀ "ẹyọ" yẹn ló ṣe pàtàkì jù, lójú tèmi. Tí akọ̀wé bá kàn béèrè pé "mélòó?", oníbàárà lè fèsì pé "20". Rọ́ọ̀dù 12 kan tó gùn ní mítà 12 wọn bíi kílò 10.7, nítorí náà nǹkan bí ẹyọ 94 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Ẹyọ 20 kò ju kílò 214 lọ. Tọ́ọ̀nù 20 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ 1,900. Ọjà tí mọ́tò kékeré lè gbé àti èyí tó nílò tírélà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ti ọjọ́ ńkọ́? Òfin Títà Ọjà ti 1893, tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé bí wọn kò bá dá ọjọ́, kí olùtajà gbé ọjà lọ láàárín àkókò tó bójú mu. Ó dára nílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n bíríkìlà tó fẹ́ da dẹ́kì lọ́jọ́ Ẹtì kò lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́. "Kíákíá" tirẹ̀ lè jẹ́ ọ̀la, ti olùtajà sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí èsì bá dé, iṣẹ́ kan ṣì kù. Ẹ́lìpíò tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ 0147 kan náà, kí wọ́n kọ "àtúnṣe" sí i lára. Bí oníbàárà bá fún un ní nọ́ńbà mìíràn, ìwé méjì ni yóò wà nínú fáìlì, sitọ́kípà sì lè di ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé á fa ìlà pupa kọjá lórí ti àkọ́kọ́, á sì fi pín-ìn-nì so ó mọ́ ẹ̀yìn èyí tó tẹ̀ lé e.